Owó Ìkọ́lé Kì Í Ṣe Owó Ìdámẹ́wàá

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò rí ilé ìjọsìn tó dúró sí lẹ́ńtẹ̀lì. Irin ti yọrí láti inú òpó, ó ti dípẹtà, koríko ti hù níbi tó yẹ kí pẹpẹ wà, àwọn ọmọ ìjọ sì ń jọ́sìn lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ará àdúgbò máa kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti kó owó náà jẹ. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ owó, tí àwọn ìjọ mìíràn sì máa ń ní kí n bá àwọn yẹ ìwé wò, olè kọ́ ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀. Àwọn olóòótọ́ ni mo ń bá. Wọ́n mú nínú owó ìkọ́lé láti fi san owó oṣù, wọ́n mú nínú rẹ̀ ra dísù, wọ́n fi tún sípíkà ṣe, wọn kò kọ ọ́ síbì kankan pé àwọn yá a, wọn kò sì rántí dá a padà. Ìgbà tí páànù yóò gorí ilé ni gbogbo ènìyàn tó mọ̀ pé owó ti tán.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣẹlẹ̀ rọrùn púpọ̀, ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ kí ó tó bàjẹ́ náà kò le. Ẹnikẹ́ni tó mọ ìṣirò ọjà lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Owó tó ń wọ ilé ìjọsìn lóríṣiríṣi. Ìdámẹ́wàá wà, ọrẹ ọjọ́ ìsinmi wà, ọrẹ ìdúpẹ́ wà, owó ìkórè wà, àwọn ìjọ àtijọ́ tún ń gba owó kíláàsì. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ọmọ ìjọ fi lé ìjọ lọ́wọ́ pé kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run bí wọ́n ṣe rí i pé ó yẹ. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó oṣù àlùfáà àti ti olùtọ́jú ilé, nínú rẹ̀ ni owó iná ti ń jáde, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún opó ní ìrẹsì, nínú rẹ̀ náà ni apá tí wọ́n ń rán lọ sí dáyósíìsì tàbí olú ìjọ ti ń kúrò. Ìgbìmọ̀ lè pinnu lónìí pé iná ni kí a kọ́kọ́ san, kí wọ́n pinnu lọ́la pé owó oṣù ló ṣe pàtàkì jù. Kò sí ẹni tí wọ́n dà.

Ti owó ìkọ́lé yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n dúró níwájú ìjọ, tí wọ́n fi àwòrán ilé hàn, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù dáwó fún un, ẹni tó dáwó ti sọ ohun tí owó òun wà fún. Ìpinnu ti tán lórí rẹ̀. Ipò tí ìjọ wà sí owó yìí ni ipò tí alájọ wà sí owó àwọn ìyá ọlọ́jà: owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè pọ̀ bí ó ti wù kí ó pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ láti fi san owó ilé ìwé ọmọ, kódà bí ọmọ náà bá fẹ́ ṣèdánwò lọ́la. Bí ìyá ọlọ́jà bá gbọ́ pé alájọ ń ná àjọ, kò ní dúró kí oṣù parí kó tó béèrè owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú Bíbélì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Málákì orí kẹta la máa ń kà bí a bá fẹ́ gba ìdámẹ́wàá, ṣùgbọ́n orí kejìlá ìwé Àwọn Ọba Kejì ni mo fẹ́ kí gbogbo ìgbìmọ̀ owó kà. Joaṣi ọba Juda fẹ́ tún tẹ́ńpìlì ṣe. Ó ní kí àwọn àlùfáà máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kí àwọn fúnra wọn sì fi tún ibi tó bá ti ya ṣe. Nígbà tó di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, wọn kò tíì tún nǹkan kan ṣe. Ìwé náà kò sọ pé àwọn àlùfáà jalè. Owó àtijẹ wọn àti owó àtúnṣe jọ ń gba ọwọ́ kan náà kọjá, àtijẹ sì máa ń yára béèrè ju ògiri lọ. Mo gbà pé ibẹ̀ ni àtúnṣe ti há.

Ọba kò lé àwọn àlùfáà kúrò. Ohun tó ṣe ni pé ó gba owó náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Jehoiada olórí àlùfáà mú àpótí kan, ó dá ihò sí ọmọrí rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ lápá ọ̀tún ibi tí ènìyàn ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá rí i pé owó ti pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà á wá, àwọn méjèèjì á kà á, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé e lé àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn yẹn ni yóò san án fún káfíńtà, fún bírikìlà, fún agbẹ́kùúta. Ìwé náà tún sọ nǹkan méjì tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Èkíní, wọn kò fi owó yẹn ṣe àwo fàdákà tàbí kàkàkí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé Ọlọ́run kan náà ni àwọn nǹkan wọ̀nyí wà fún. Èkejì, owó ẹbọ ẹ̀bi àti ti ẹ̀ṣẹ̀ kò wọ inú àpótí; ti àwọn àlùfáà ni. Ẹ rí i pé ààlà náà dúró lápá méjèèjì: iṣẹ́ kò jẹ owó àlùfáà, àlùfáà kò jẹ owó iṣẹ́. Nígbà tí ìwé Kíróníkà Kejì sọ ìtàn kan náà ní orí kẹrìnlélógún, ó fi kún un pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, wọ́n gbé owó tó ṣẹ́kù wá síwájú ọba àti Jehoiada, ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ṣe ohun èlò tẹ́ńpìlì.

Lóde òní, fẹ́sìtìrì ni àpótí náà wà. Ìsìn ti parí, wọ́n da owó sórí tábìlì, àwọn kan ń tẹ́ igba náírà tó ti ká kò, àwọn kan ń to ẹgbẹ̀rún náírà sí ọgọ́ọ̀rún-ún ọgọ́ọ̀rún-ún. Ibí yìí gan-an ni owó méjèèjì ti gbọ́dọ̀ yà. Ìjọ tó bá sọ pé òun yóò pín in ní ìparí oṣù ti pẹ́ jù, torí pé nígbà yẹn, kò sí ẹni tó tún rántí èyí tó wá láti inú apẹ̀rẹ̀ wo.

Bí ó ṣe yẹ kí ó lọ nìyí. Apẹ̀rẹ̀ owó ìkọ́lé dá wà, wọn kì í dà á pọ̀ mọ́ ti ọrẹ. Ó kéré tán, ẹni méjì ló ń ka owó, wọn kì í ṣe tọkọtaya, wọn kì í ṣe ìyá àti ọmọ. Bí wọ́n bá tú àpòòwé ìdámẹ́wàá tàbí ti ìkọ́lé, wọ́n á fi iye tó wà nínú rẹ̀ wé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí àpòòwé bá sọ pé 10,000 náírà, tí wọ́n sì bá 9,500, ara àpòòwé yẹn gan-an ni wọ́n á kọ ọ́ sí, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Wọn kì í da àpòòwé nù títí tí ọ́dítọ̀ yóò fi rí i. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kan tí a là sí òpó: òpó ìdámẹ́wàá, òpó ọrẹ, òpó ìdúpẹ́, òpó ìkọ́lé. Àwọn tó kà á á fọwọ́ sí i, akọ̀wé owó á gba ẹ̀dà kan, akápò á gbé owó lọ sí báńkì ní ọjọ́ Ajé.

Gbogbo owó náà pátá ni kó gbé lọ. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà fẹ́sìtìrì, wọ́n á ka 30,000 náírà fún un láti orí tábìlì, wọ́n á ní àwọn yóò kọ ọ́ tó bá yá. Dísù náà ṣe pàtàkì, kò sí ìwà burúkú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni iye tó wà lórí ìwé kíkà kò ti ní bá iye tó wà lórí tẹ́là báńkì mu mọ́, ìbámu méjèèjì yìí sì ni ohun kan ṣoṣo tí ọ́dítọ̀ lè fi mọ̀ pé owó tó wọ apẹ̀rẹ̀ ló wọ báńkì. Bí ó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí dísù, yóò yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ohun mìíràn, kò sì ní sí ẹni tó lè ya èyí tó dára kúrò lára èyí tí kò dára. Ẹ gbé owó lọ sí báńkì ná, kí ẹ wá fi fáúṣà gba owó dísù.

Tiransífà ti sọ ọ̀rọ̀ náà di òmíràn. Ọmọ ìjọ kan á fi 50,000 náírà ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, áláàtì á wọlé, ohun tó kọ sí i kò ju `God bless` lọ. Ṣé ìdámẹ́wàá ni, àbí ti ilé? Iṣẹ́ akọ̀wé owó ni láti pè é, kí ó béèrè, kí ó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó béèrè. Bí kò bá rí i bá sọ̀rọ̀, owó ìjọ lápapọ̀ ni yóò kà á sí, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ pé ti ilé ni. Ohun tó mú wàhálà yìí kúrò jù ni kí ìjọ ṣí àkáǹtì kejì fún ilé, kí orúkọ rẹ̀ sì fi hàn lójú fóònù ẹni tó fẹ́ sanwó, bí àpẹẹrẹ kí `BUILDING FUND` wà ní ìparí orúkọ ìjọ. Ẹni tó bá rí i kò ní ṣi owó fi ránṣẹ́. Ẹni méjì, ó kéré tán, ni yóò máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó ìkọ́lé ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ pásítọ̀ tàbí ti ìyàwó rẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ìjọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọ àfinúrò ni, ṣùgbọ́n bí ìwé owó rẹ̀ ṣe rí ni mo ṣe ń rí i káàkiri. Àkáǹtì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ní oṣù kìíní ọdún, 3,100,000 náírà wà nínú rẹ̀. Láàrin ọdún, 13,100,000 wọlé, 13,000,000 jáde. Ní ìpàdé ọlọ́dọọdún, akápò dìde, ó ní owó tó wọlé ju èyí tó jáde lọ, ó ní 3,200,000 ló wà ní báńkì, ó sì fi ìwé báńkì hàn. Gbogbo ohun tó sọ pátá ló jẹ́ òótọ́. Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n gbàdúrà fún un.

Ẹ wá jẹ́ ká ya owó náà sí méjì. Nínú 3,100,000 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọdún, 2,700,000 jẹ́ ti ilé, 400,000 péré ni ti ìjọ lápapọ̀. Ìdámẹ́wàá, ọrẹ, ìdúpẹ́ àti ìkórè mú 8,600,000 wọlé. Ìnáwó ìjọ, ìyẹn owó oṣù, owó tí wọ́n rán sí olú ìjọ, iná àti dísù, àtúnṣe àti ìrànlọ́wọ́, gba 9,800,000. Ẹ rí i pé ìjọ ná 1,200,000 ju ohun tó rí lọ. Nínú rẹ̀, 400,000 tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. 800,000 tó kù ńkọ́, níbo ló ti wá? Báńkì kò yá wọn ní kọ́bọ̀.

Ẹ wo apá kejì. Owó ìkọ́lé tó wọlé lọ́dún náà jẹ́ 4,500,000. Wọ́n ná 3,200,000 lórí búlọ́ọ̀kù, irin àti owó iṣẹ́. Bí ẹ bá fi 4,500,000 kún 2,700,000 tó wà tẹ́lẹ̀, tí ẹ yọ 3,200,000 kúrò, ohun tó yẹ kó ṣẹ́kù fún ilé ni 4,000,000. Ṣùgbọ́n 3,200,000 péré ni gbogbo ohun tó wà ní báńkì. Ìjọ ti fi 800,000 náírà owó ilé jẹun láàrin ọdún, kò sí ẹnì kan tó fọwọ́ sí i, kò sí ìpàdé tí wọ́n ti sọ ọ́, akápò fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Ọdún tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún pé owó ṣẹ́kù gan-an ni gbèsè náà wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ìjọ tiyín wò, ẹ béèrè nǹkan méjì péré: èló ni gbogbo owó ìkọ́lé tó ti wọlé láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, èló ni ẹ sì ti ná lórí ilé? Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ohun tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wà ní báńkì lónìí, kò gbọdọ̀ dín. Bí owó báńkì bá kéré sí i, ohun tó dín yẹn ni ìjọ jẹ ilé. Bí akápò kò bá sì lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí, tó jẹ́ pé iye tó wà ní báńkì nìkan ló lè sọ, owó méjèèjì ti dàpọ̀, kódà bí kò bá tíì dín.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé gbèsè ilé máa ń bo àìlera ìdámẹ́wàá mọ́lẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìjọ náà ń ná 100,000 lóṣooṣù ju agbára rẹ̀ lọ. Ká ní owó ilé wà lọ́tọ̀ ni, àkáǹtì ìjọ ì bá ti gbẹ láàrin ọdún, wọn ì bá ti jókòó, kí wọ́n dín dísù kù, tàbí kí wọ́n sọ òótọ́ fún ìjọ pé ìdámẹ́wàá kò tó owó oṣù. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún ọdún tó ń bọ̀ ṣe bákan náà, ọdún kẹta á dé, 800,000 á ti di mílíọ̀nù mẹ́ta. Wọ́n á wá pe ìkówójọ tuntun fún òrùlé. Ìyá àgbà tó ti san owó òrùlé lẹ́ẹ̀kan nínú èrè ẹ̀fọ́ tétẹ̀ ni wọ́n ní kó tún wá san án.

Ǹjẹ́ ìjọ kò lè yá nínú owó ilé rárá? Àwọn kan á ní rárá. Èrò tèmi ni pé bí àlùfáà bá wà ní ilé ìwòsàn, tí owó ìjọ kò sì tó, kò sí ẹni tó dáwó fún ilé tí yóò ní kí ó kú. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ yíyá lóòótọ́. Kí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ìjọ, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò padà, kí wọ́n sì kà á sétí ìjọ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Nínú ìwé owó, kí ó hàn lápá kan pé ìjọ jẹ ilé ní gbèsè, kí ó hàn lápá kejì pé ilé ní owó lọ́wọ́ ìjọ. Bí wọn kò bá lè kà á sétí ìjọ, kí wọ́n má yá a.

Ẹ̀jẹ́ ni ibòmíràn tí owó ìkọ́lé ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọjọ́ ìkówójọ dé, alága ọjọ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù kan, ìyá ìjọ jẹ́ ìdajì mílíọ̀nù, ẹgbẹ́ akọrin jẹ́ tiwọn. Ẹni tó ń kéde á pe gbogbo rẹ̀ pọ̀, á ní a ti rí mílíọ̀nù méjìlá. Owó tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà lè máà ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe owó títí tí yóò fi wọ báńkì, ìwé tirẹ̀ ni kí a kọ ọ́ sí: orúkọ, iye tó jẹ́, iye tó ti san, ọjọ́ tó san án. Ìgbìmọ̀ tó bá fi ẹ̀jẹ́ bá agbaṣẹ́ṣe ṣe àdéhùn yóò wá owó rẹ̀ níbòmíràn nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá dé, ìdámẹ́wàá ló sì súnmọ́ wọn jù. Báyìí ni owó ṣe ń gba ọ̀nà kejì lọ: ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó oṣù àlùfáà, ohun tí Joaṣi náà kò gbà láàyè.

Mo mọ̀ pé akápò kan á ní, owó tí a bá tọ́jú sí báńkì fún ilé, ṣé kò ní dòfo? Òótọ́ ló sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, àpò sìmẹ́ńtì kan kò tó 3,000 náírà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó wọ́n débi pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, ohun tí wọ́n sì fẹnu kò lé lórí ni 7,000 sí 8,000. Ìjọ tó tọ́jú owó ẹgbẹ̀rún àpò kan ní 2020 kò lè ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a lè rà pamọ́. Sìmẹ́ńtì tó bá ju oṣù mẹ́ta lọ nínú yàrá tó lọ́rinrin á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Irin máa ń dípẹtà bí òjò bá ń pa á. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n pò dáadáa lè dúró, páànù náà lè dúró bí ibi ìpamọ́ bá wà. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni kí ìjọ pín ilé sí ìpele, ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀, ògiri dé lẹ́ńtẹ̀lì lọ́tọ̀, òrùlé lọ́tọ̀, kí wọ́n kó owó ìpele kan jọ, kí wọ́n ná an tán sórí rẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀, kí wọ́n tó tún kó ti òmíràn. Owó kì í pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dòfo, kì í sì pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi wu owó oṣù. Kò sí ìtìjú nínú kí ilé pẹ́. Kàtídírà Kírísítì ní Màrínà, l'Ékòó, láti 1925 ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1946 ni wọ́n tó parí rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ní ìjọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Mańṣẹ́sítà kò ní àǹfààní láti da owó méjèèjì pọ̀, nítorí pé òfin ibẹ̀ kò gbà fún wọn. Owó tí wọ́n bá gbà fún ohun kan tí wọ́n dárúkọ, ohun yẹn nìkan ni wọ́n lè ná an sí. Bí àwọn alábòójútó ìjọ bá ná an sí ohun mìíràn, wọ́n ti da ohun tí a fi lé wọn lọ́wọ́, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sì lè bi wọ́n. Nínú ìwé owó ọdọọdún wọn, òpó kan wà fún owó tí ìjọ lè ná bó ṣe wù ú, òpó mìíràn wà fún owó tó ní ìdí. Ìjọba ibẹ̀ tún ń fi pẹ́nsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá fi ta ìjọ lọ́rẹ, tó bá ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bí pọ́n-ùn náà bá jẹ́ ti ìkọ́lé, pẹ́nsì 25 yẹn náà máa ń bá a lọ sí ìkọ́lé, àyàfi bí ẹni tó fi tọrẹ tàbí ìkéde ìkówójọ bá ti sọ ohun mìíràn.

Nílé níbí, òfin ilé-iṣẹ́ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 fún Àjọ CAC lágbára láti dá àwọn alábòójútó ìjọ àti ẹgbẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣe owó báṣubàṣu. Àwọn olórí ìjọ kan bínú sí i gidigidi, wọ́n ní ìjọba fẹ́ wọ pẹpẹ. Mi ò fẹ́ kí ìjọba wọ pẹpẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ìwé méjèèjì wà lọ́tọ̀, kí ó lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde ní gbogbo oṣù mẹ́ta, níbi tí ẹni tó san 500 náírà àti ẹni tó san 500,000 ti lè kà á.

Bí ìjọ yín bá ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀ ìkówójọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni yóò de owó náà, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kà á. Ẹ sọ ohun tí owó wà fún gan-an: bí ẹ bá ní “ilé ìjọsìn”, ẹ kò lè fi ra bọ́ọ̀sì, bí ẹ bá ní “ilé ìjọsìn àti ilé àlùfáà”, ẹ ti fi àyè sílẹ̀ fún méjèèjì. Ẹ sọ àkáǹtì tí yóò wà àti ipò àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ó ṣe bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ilé parí, tàbí bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ yín tí ilé kò sì ṣeé kọ́ mọ́: bóyá ẹ ó dá a padà fún ẹni tó bá béèrè, bóyá ẹ ó fi kọ́ ilé ìjọ ọmọ ní abúlé. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í sọ apá ìkẹyìn yìí, owó á wá ṣẹ́kù, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tuntun.